Páìpù omi ilé bàbá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti dípẹtà: rọ́bà ni, bàbà ni, àbí ká tún fi irin sí i?

Ọmọ_ÌsàlẹÀfọ̀n

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. 1981 ni wọ́n kọ́ ilé bàbá wa, páìpù onírin, gáfánáìsì, ni wọ́n fi ṣe gbogbo omi inú ilé. Màmá wa ló ń gbé ibẹ̀ báyìí. Láàárọ̀ tí wọ́n bá ṣí ẹ̀rọ ilé ìdáná, omi pupa ló máa kọ́kọ́ jáde, á wá máa ṣe tín-ín-rín, tíì tí wọ́n bá fi pò á dúdú, màmá ní tí àwọn bá mu ún ó dà bí ìgbà téèyàn lá kọ́kọ́rọ́. Púlọ́mbà kan ní ká kó gbogbo ẹ̀ dànù ká fi rọ́bà PPR sí i, àbúrò mi ní bàbà ló dáa jù torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun nìyẹn, àwọn àgbà àdúgbò ní irin ni ká fi rọ́pò irin. Èwo ló máa pẹ́, èwo lowó ẹ̀ mọ níwọ̀n, èwo ni kò ní ba omi jẹ́ lẹ́nu? Omi kànga ni, pọ́ǹpù ló ń gbé e lọ sínú táǹkì tó wà lórí sítáǹdì lẹ́yìnkùlé.

Alàgbà_ÒkèẸlẹ́rìn

Ọmọ mi, irin ni kó o fi sí i padà. Páìpù tó ti lo ohun tó ju ogójì ọdún lọ tí kò tíì bẹ́, kí lẹ tún ń wá? Ilé tèmi náà irin ni, látìgbà tí omi ìjọba láti odò Ọbà ti ń wọlé wá bá wa ni, a ò pààrọ̀ ẹyọ kan. Rọ́bà tí wọ́n ń kó wá báyìí, eku á jẹ ẹ́, oòrùn á jẹ ẹ́, ẹni tó fẹ́ gbé fọ́tò kọ́ sára ògiri kan ìṣó báyìí ó ti lù ú nìyẹn. Rọ́bà náà sì ń tú oró sínú omi. Ohun tó bá wúwo ló ń pẹ́, bí àwa ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àdéníkẹ́

Ẹ̀gbọ́n ẹ má ra PVC tó fẹ́lẹ́ o, lándílọ́ọ̀dù wa ra ti 4 íńsì tó fẹ́lẹ́ fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò pé ọdún méjì tí ó fi là lábẹ́ ilẹ̀, gbogbo ọgbà ń rùn.

Púlọ́mbà_Tákíè

Àbúrò, omi ìdọ̀tí nìyẹn, omi tó ń wọlé là ń sọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ wúlò níbì kan: páìpù PVC tó fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń fi kó omi ìdọ̀tí jáde, àwọn kan máa ń gé e fún omi mímu torí ó rọ̀ lọ́wọ́, kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ti omi mímu lára ẹ̀ ki, wọ́n sì máa ń tẹ agbára ẹ̀ sí i lára.

Ẹ kú àárọ̀ ẹ̀yin àgbà. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀, ẹ dákun ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá páìpù ló ń ṣe yín àbí omi kànga yẹn fúnra ẹ̀, torí mo ti rí ẹni tó kó gbogbo irin ilé ẹ̀ dànù tí omi ẹ̀ ṣì pupa síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí màmá wá ife funfun mẹ́ta, tánganran tàbí rọ́bà, kó ṣáà funfun. Ní àárọ̀ kùtù, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ẹ̀rọ kankan nínú ilé, kí wọ́n bu ife kan lẹ́nu ẹ̀rọ ilé ìdáná. Kí wọ́n wá jẹ́ kí omi máa ṣàn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta (wọ́n lè fi garawa gbè é, omi ìfọṣọ nìyẹn) kí wọ́n bu ife kejì. Ife kẹta, kí wọ́n fi okùn àti dòrò fà á látinú kànga tààrà. Kí wọ́n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú kan títí di alẹ́. Tí ti àkọ́kọ́ bá pupa tí ìkejì mọ́, tí ti kànga sì mọ́ látàárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, páìpù ni. Ṣùgbọ́n tí ti kànga bá mọ́ nígbà tí wọ́n fà á tó wá ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bó ṣe jókòó, irin ti yọ́ sínú omi yẹn látinú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ tó bá a ló jẹ́ kó pọ́n, kò sí páìpù tó máa wò ó sàn.

Ẹ tún wá garawa lítà 10, ẹ fi fóònù ka iye ìgbà tó fi kún ní ilé ìdáná, ẹ tún kà á ní balùwẹ̀ tó sún mọ́ táǹkì jù. Kí ẹ sì wo ìdí kẹ́tù tí màmá fi ń se omi, ṣé nǹkan funfun bí ẹfun máa ń lẹ̀ mọ́ ọn? Ẹ padà wá sọ fún wa.

Ìyá_Ìbejì_Kìnníra

Háà! Èmi nìyẹn o. Ilé tuntun, PPR ni gbogbo ẹ̀, kò sí irin kankan níbẹ̀, omi ẹ̀rọ mọ́ kedere, tí mo bá rọ ọ́ sínú bèsè di ọ̀sán á ti ní àwọ̀ bí omi ẹ̀kọ yangan, aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ tó yẹ kó funfun ti di aláwọ̀ ìpàrà. Mo ti bá púlọ́mbà tó ṣe é jà pé páìpù tí kò dáa ló rà. Tí kì í bá ṣe páìpù kí wá ni kí n ṣe?

Púlọ́mbà_Tákíè

Màmá Ìbejì, ẹ bá a rẹ́ o, kò ṣẹ̀ yín. Irin inú omi yẹn, tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ bá a kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ, inú táǹkì ni á ti pọ́n tí á sì rọ sílẹ̀. Lẹ́nu páìpù tó ń rọ omi sínú táǹkì, kí wọ́n gbé rọ́bà kan dùbúlẹ̀ kí wọ́n dá ihò wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ sí i kí omi máa já bọ́ bí òjò dípò kó máa ya wọlé. Kí ibi tí omi ti ń jáde lọ sílé ga kúrò ní ìdí táǹkì díẹ̀, kí ẹ̀rọ ìdọ̀tí wà nísàlẹ̀ pátápátá tẹ́ ẹ ó máa ṣí láti dà á nù. Tó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, àfi kẹ́ ẹ fi àgbá iyanrìn sẹ́ ẹ. Ẹ ṣí ọ̀rọ̀ tiyín lọ́tọ̀ ká lè tọ́jú ẹ̀ dáadáa.

Tọ́pẹ́_Lọ́ńdọ̀nù

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n ni èmi náà, mo ti pẹ́ níbí. Bàbà ló wà nílé tí mò ń gbé, mìlímítà 15 lọ sí ẹ̀rọ, 22 ní ibi tó pọ̀, ó ti lé lógójì ọdún, omi mọ́ gaara, kò sí adùn kankan lẹ́nu. Eku ò lè jẹ ẹ́, oòrùn ò lè ṣe é ní nǹkan kan, kì í dípẹtà bí irin. Àbúrò ẹ ò parọ́ o. Owó ẹ̀ ló kàn ga, ṣùgbọ́n ilé màmá ni, kí ló tún kù téèyàn fẹ́ náwó lé?

Ọmọ_ÌsàlẹÀfọ̀n

Ẹ ṣeun gan-an. Mo wálé lópin ọ̀sẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Ife àkọ́kọ́ pọ́n bí omi èlùbọ́, nǹkan wẹ́ẹ́wẹ́ pupa rọ̀ sí ìdí ẹ̀ tí mo fọwọ́ tẹ̀ tó ń ṣe bí iyanrìn lọ́wọ́. Ìkejì mọ́, ó kàn ní àwọ̀ díẹ̀ téèyàn bá tẹjú mọ́ ọn. Ti kànga mọ́ kedere di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Garawa lítà 10, ilé ìdáná gba ìṣẹ́jú 3 àti sẹ́kọ́ńdì 50, balùwẹ̀ ẹ̀gbẹ́ táǹkì gba sẹ́kọ́ńdì 55. Ìdí kẹ́tù mọ́, kò sí ẹfun, màmá sì ní ọṣẹ máa ń hó kíákíá nínú omi yẹn, pé díẹ̀ ló ń tó àwọn fọṣọ.

Púlọ́mbà_Tákíè

O ṣeun àbúrò, o ṣe é dáadáa. Páìpù ni nígbà yẹn, ibi tó ti dí jù sì wà láàrin balùwẹ̀ àti ilé ìdáná.

Bàbá Òkè Ẹlẹ́rìn, ẹ má bínú sí mi sà, òótọ́ ni pé páìpù yín ò bẹ́, àmọ́ bíbẹ́ nìkan kọ́ ni páìpù fi ń kú. Ẹ wo páànù orí àwọn ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n àti ní Ìjẹ̀rù, nígbà tí wọ́n kàn án ó funfun ó ń dán, síǹkì tí wọ́n fi bò ó nìyẹn. Òjò jẹ síǹkì yẹn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán, irin abẹ́ ẹ̀ wá pọ́n. Nǹkan kan náà ni páìpù gáfánáìsì, síǹkì ni wọ́n fi bo irin nínú lóde, omi ń jẹ ẹ́ látinú. Lẹ́yìn tí síǹkì bá tán, ìpẹtà kì í kàn jẹ irin ní jíjẹ, ó máa ń wú ni, á sú gọ̀ǹgọ̀ǹ bí oówo sínú páìpù títí ọ̀nà omi á fi ṣẹ́kù tín-ín. Èyí tí mo gé níbì kan ní Sábó lọ́dún tó kọjá, háàfù íńsì ni, bó ṣe tuntun ìka ìlábẹ̀ mi ń wọ inú ẹ̀, lọ́jọ́ tí mo gé e gègé báírò ló wọ̀ ọ́, ìyẹn náà fara ha. Adùn kọ́kọ́rọ́ tí màmá ń sọ àti tíì tó ń dúdú, irin yẹn náà ni, nǹkan tó wà nínú ewé tíì tó máa ń koro lẹ́nu, tí irin bá ti bá a pàdé dúdú ló ń yà.

Ibi tó kọ́kọ́ ń bàjẹ́ lára gáfánáìsì ni ẹnu ẹ̀ níbi tí a gé téèdì sí. Téèdì tí a gé ti gé síǹkì kúrò níbẹ̀, ó tún ti jẹ́ kí ara páìpù fẹ́lẹ́. Torí ẹ̀ lẹ ṣe máa ń rí i pé ẹ́ẹ́bò àti sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń kọ́kọ́ sun omi.

Ti bàbà, ẹ̀gbọ́n Tọ́pẹ́ sọ òótọ́ nípa Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn báwo ni ìdí kẹ́tù wọn ṣe rí.

Tọ́pẹ́_Lọ́ńdọ̀nù

Ẹfun ló kún un o! Gbogbo ìgbà ni mo ń ra oògùn tí wọ́n fi ń yọ ọ́.

Púlọ́mbà_Tákíè

Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹfun yẹn, díẹ̀díẹ̀ ló ń bo inú páìpù bàbà yín, ó dà bí ìgbà tí wọ́n rẹ́ ògiri, omi ò fi ara kan bàbà púpọ̀ mọ́. Omi màmá tiwa níbí kò ní ẹfun, ọṣẹ ń hó nínú ẹ̀ wéréwéré, irú omi bẹ́ẹ̀ tó bá tún wá kan díẹ̀, tó ní ásíìdì díẹ̀, á máa jẹ bàbà. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé àwọ̀ ewé tó pò mọ́ búlúù á máa yọ ní ojú ibi tí omi ti ń kán sínú bèsè funfun, omi àárọ̀ tó sùn mọ́jú nínú páìpù á sì máa korò lẹ́nu. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bàbà inú lítà omi kan kò gbọ́dọ̀ ju mìlígíráàmù 2 lọ. Mi ò sọ pé bàbà ò dáa, ó dáa, ó lè lo àádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n ẹ gbé omi kànga yẹn lọ sí láàbù kẹ́ ẹ tó náwó lé e.

Owó ńkọ́? Mo ṣírò irú iṣẹ́ yìí fún ẹnì kan láìpẹ́. Tí a bá fi ti PPR ṣe ọ̀kan, owó páìpù gáfánáìsì lé ní ìlọ́po méjì ẹ̀, bàbà ju ìlọ́po márùn-ún ẹ̀ lọ, ìyẹn páìpù nìkan ni o. Iye ń yí padà, ẹ lọ bèèrè lọ́jà kẹ́ ẹ fi mítà kan sí mítà kan wé ara wọn, torí gáfánáìsì gígùn ẹ̀ jẹ́ mítà 6, PPR tí mo ń rà jẹ́ mítà 4, ẹni tó bá ka iye igi nìkan á ṣìṣe. Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, gáfánáìsì ló ń gba àkókò jù torí téèdì gígé. Bàbà, àwọn tó mọ̀ ọ́n jó pọ̀ nílùú yìí, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ amúlétutù àti fíríìjì ló pọ̀ jù nínú wọn, àwa tó ń ṣe omi kò tó nǹkan. Wọ́n sì ń jí bàbà tó bá wà níta.

Ọmọ_ÌsàlẹÀfọ̀n

Àbúrò mi ti ní tí owó ò bá tó fún gbogbo ilé, ká fi bàbà ṣe láti táǹkì dé ibi tí ilé bẹ̀rẹ̀, ká wá so ó mọ́ irin tó wà nínú tẹ́lẹ̀, ká máa pààrọ̀ ìyókù díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Ṣé ìyẹn lè ṣiṣẹ́?

Púlọ́mbà_Tákíè

Rárá o! Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dán an wò. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níbí èyí ló ká mi lára jù torí mo ti rí i.

Tí bàbà bá wà lápá òkè tí omi ti ń bọ̀, tí irin gáfánáìsì wà nísàlẹ̀ tí omi ń lọ, bàbà díẹ̀ tó yọ́ sínú omi, ojú kò lè rí i, á máa lẹ̀ mọ́ inú irin yẹn kéékèèké. Ibi tó bá ti lẹ̀ mọ́, ńṣe ni á máa jẹ síǹkì àti irin tó yí i ká bí ìgbà tí kòkòrò jẹ ehín, yóò dá ihò síbẹ̀. Kò ní dípẹtà kárí bí tàtijọ́, ihò lójú kan lójú kan ni. Ilé tí mo ti rí i, lára ògiri ni wọ́n ti rí omi, wọ́n tún ibì kan ṣe, lọ́sẹ̀ kejì ibòmíràn ló tún yọ, wọ́n fọ́ ògiri mẹ́rin kí wọ́n tó pè mí. Wọ́n ti fi idẹ sáàrin bàbà àti irin kí wọ́n má bàa fara kan ara wọn, ìyẹn dáa fún ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, ṣùgbọ́n kò dá omi dúró kó má gbé bàbà kọjá. Tó bá jẹ́ irin ló wà lókè tí bàbà wà nísàlẹ̀, tí idẹ wà láàrin, ìyẹn ṣì ṣeé fara mọ́.

Rọ́bà ò ní wàhálà yìí, ẹ lè so ó mọ́ irin ní ìhà èyíkéyìí, ẹ sì lè máa pààrọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé irin tó bá kù á ṣì máa pọ́n omi yín.

Alàgbà_ÒkèẸlẹ́rìn

Ọ̀rọ̀ oówo inú páìpù yẹn wọ̀ mí létí. Omi ilé mi náà ti ń ṣe tín-ín-rín ó ti pẹ́, mo ti rò pé táǹkì ni kò ga tó. Èmi á gbé garawa. Ṣùgbọ́n oró rọ́bà yẹn o ò dá mi lóhùn.

Púlọ́mbà_Tákíè

Sà, mo gbọ́. Páìpù tí wọ́n ṣe fún omi mímu tí wọ́n fi òdiwọ̀n ṣe, kò sí ewu níbẹ̀. Ohun tí ẹ̀yin àgbà máa ń gbóòórùn ẹ̀ nínú omi rọ́bà, gọ́ọ̀mù PVC ni lọ́pọ̀ ìgbà. Púlọ́mbà á lẹ̀ ẹ́ tán lọ́sàn-án, wọ́n á ṣí omi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, gọ́ọ̀mù ò tíì gbẹ, òórùn ẹ̀ á wọ omi. Kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, kí wọ́n da omi àkọ́kọ́ nù dáadáa, á lọ. PPR kò ní gọ́ọ̀mù rárá, iná la fi ń yọ́ ọ pọ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣó àti eku tẹ́ ẹ sọ, òótọ́ ni, mi ò lè jiyàn, ẹ ya àwòrán ibi tí páìpù gbà nínú ògiri kí wọ́n tó rẹ́ ẹ, kí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n.

Àbúrò, ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ kó o ṣọ́ lára PPR. Iye tí wọ́n ń pè é, ara òde ẹ̀ ni. PPR 20 mìlímítà tí wọ́n kọ PN20 sí lára, ara ẹ̀ nípọn 3.4, ó ku 13.2 nínú. Gáfánáìsì háàfù íńsì tuntun tó 16 nínú. Púlọ́mbà tó bá fi 20 rọ́pò háàfù íńsì, ó ti dín ọ̀nà omi kù sí bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. PPR 25 ló bá a dọ́gba, 16.6 ló wà nínú ẹ̀. Lórí pọ́ǹpù ẹ lè má mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n táǹkì tó wà lókè mítà mẹ́ta péré, agbára omi ẹ̀ kò tó ìwọ̀n bar 1 rárá, bar 0.3 ni, ohun gbogbo tó bá dín ọ̀nà omi kù ẹ máa rí i lẹ́nu ẹ̀rọ. Fi 25 gba láti táǹkì dé gbogbo ibi tó jìnnà, 20 fún ìwọ̀nba mítà kan tó kẹ́yìn sí ẹ̀rọ.

Kó o sì dúró ti ẹni tó ń yọ́ ọ pọ̀. Maṣíìnì yẹn gbọ́dọ̀ gbóná dé dígírì 260, páìpù 25 máa wà lẹ́nu ẹ̀ fún sẹ́kọ́ńdì 7. Tó bá pẹ́ jù tàbí tó tì í wọlé jù, rọ́bà tó yọ́ á ká sínú, á ṣe bí òrùka, omi ò ní ráyè kọjá. Ní kó ṣe oríkèé kan kó gé e sí méjì kó o wo inú ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ kò ní bínú.

Ìyá_Ìbejì_Kìnníra

20 ni gbogbo ilé mi látòkè délẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó lára páìpù. Ìyẹn ni ṣáwà òkè ò fi lágbára!

Oníná_Sábó

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n wọlé síbí, iṣẹ́ iná lèmi ń ṣe. Ilé 1981, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi wáyà ẹ́ẹ̀tì so mọ́ páìpù irin yẹn, àwọn tó ṣe iná láyé ìgbà yẹn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ torí irin wọ ilẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gé irin tẹ́ ẹ fi rọ́bà sí i, ẹ́ẹ̀tì ilé ti kú nìyẹn, iná á máa jó bó ṣe ń jó kò sẹ́ni tó máa mọ̀, ọjọ́ tí fíríìjì tàbí pọ́ǹpù bá bàjẹ́ ni ará ilé máa fọwọ́ kan án tí iná á gbé e. Kí ẹ tó gé nǹkan kan ẹ wo ìdí páìpù níta àti lẹ́bàá mítà, tẹ́ ẹ bá rí wáyà tó wé mọ́ ọn, aláwọ̀ ewé tàbí ihòòhò, ẹ pe oníná kó ri ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ kó sì wọ̀n ọ́n. Ẹ má fọwọ́ lásán tú wáyà yẹn o, iná lè wà nínú ẹ̀.

Ọmọ_ÌsàlẹÀfọ̀n

Mo ti ránṣẹ́ sí màmá, ó wà níbẹ̀ o! Wáyà bàbà ihòòhò, bíńdínì wáyà ni wọ́n fi dì í mọ́ páìpù lẹ́yìn ilé ìdáná. Ẹ kú ojú àánú ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á fún mi.

Ọmọ_Akẹ̀sán

Púlọ́mbà lèmi náà, Ọ̀yọ́ ni mo wà. Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n Tákíè lórí inú ilé, àmọ́ lórí sítáǹdì táǹkì níta mi ò ní fi PPR síbẹ̀ láéláé. Oòrùn ń jẹ ẹ́, lẹ́yìn ọdún mélòó kan ara ẹ̀ á ṣe hẹẹrẹ bí ìyẹ̀fun, wọ́n bá fi àkàbà kàn án á ṣẹ́. Gáfánáìsì ni mo máa ń gbé sọ̀kalẹ̀ látorí táǹkì dé ilẹ̀, mítà mẹ́ta mẹ́rin péré, tó bá dípẹtà níta ojú á rí i, ẹni méjì á tú u ní wákàtí kan.

Púlọ́mbà_Tákíè

Àbúrò mi, oòrùn jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo omi ilé ló máa gba inú mítà mẹ́rin yẹn kọjá, láàárọ̀ màmá á tún rí omi pupa. Èmi máa ń wọ PPR sínú PVC dúdú tó tóbi jù ú lọ, tàbí kí n wé e kí n kùn ún. Ó ti ń lọ sí ọdún kẹwàá níbì kan ní Randa, kò tíì ṣẹ́.

Ọmọ_Akẹ̀sán

Omi ọdún mélòó kan àkọ́kọ́ nínú gáfánáìsì tuntun kì í pọ́n, síǹkì ṣì wà. Ọ̀dà téèyàn kùn máa ń ṣí kúrò lára PPR, kì í lẹ̀ ẹ́ dáadáa, ta ló fẹ́ máa gun òkè lọ tún un kùn? Kálukú ní bó ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n tèmi nìyẹn.

Ọmọ_ÌsàlẹÀfọ̀n

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. A ti ṣe é, ó gba ọjọ́ mẹ́rin. Ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì ni oníná kọ́kọ́ rì mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó gé irin kankan. PPR 25 láti táǹkì dé ilé ìdáná, 20 ní mítà tó kẹ́yìn, níta a wọ̀ ọ́ sínú PVC dúdú. Mo ní kí púlọ́mbà gé oríkèé kan fún mi, ti àkọ́kọ́ ní òrùka nínú lóòótọ́, ó ní maṣíìnì ló gbóná jù, ó dín in kù, ìkejì mọ́ nínú. Irin tó jáde láàrin balùwẹ̀ àti ilé ìdáná, mo fi pẹ́ńsùlù sí i nínú, kò kọjá.

Garawa lítà 10 ilé ìdáná báyìí, sẹ́kọ́ńdì 42. Ife funfun àárọ̀ yìí mọ́, tíì màmá pọ́n bó ṣe yẹ, wọ́n mu ife méjì. Wọ́n ní omi yẹn ò ní adùn kankan mọ́, pé ó ṣì ń ṣe àwọn bákan torí ó ti mọ́ àwọn lẹ́nu tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀rọ kan ló kù lórí irin, ti ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n fi ń bomi rin ẹ̀fọ́, owó ti tán. Ṣé ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan?

Púlọ́mbà_Tákíè

Ó lè wà, kò sí ohun tó máa ṣe ẹ̀fọ́. Ṣáà rí i pé orí irin yẹn ya kúrò lára PPR pẹ̀lú kọ́ọ̀kì tiẹ̀ tí wọ́n á máa tì tí wọn ò bá lò ó, kí omi inú ẹ̀ má bàa padà sínú ilé nígbà tí táǹkì bá gbẹ. Kí màmá má sì bu omi mímu níbẹ̀.

Alàgbà_ÒkèẸlẹ́rìn

Mo ka garawa tèmi láàárọ̀ yìí. Ìṣẹ́jú márùn-ún àti díẹ̀. Púlọ́mbà, ọjọ́ wo lo máa ráyè wá wò ó?